ORÍ KẸJỌ: Àrùn Ìdí Ìmpílánǹtì Eyín, Bí A Ṣe Ń Fọ̀ Ọ́, àti Ohun Tó Ń Mú Un Bàjẹ́

Èrèdí ẹ̀kọ́ yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

- sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìdí eyín àdáyébá àti ìdí ìmpílánǹtì;
- ya erìgì wíwú lásán sọ́tọ̀ kúrò lára àrùn tó ti wọ egungun;
- ṣàlàyé bí a ṣe ń fọ ìdí ìmpílánǹtì, kó sì sọ ibi tí agbára pákò mọ;
- to àwọn ìdí pàtàkì tí ìmpílánǹtì fi ń bàjẹ́, bóyá kí ó tó jinná ni tàbí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

8.1 Ohun tí ìmpílánǹtì jẹ́

Ìmpílánǹtì eyín ni irin títáníọ́mù kékeré tó rí bíi síkúrù, tí oníṣègùn ń gbìn sínú egungun àgbọ̀n láti rọ́pò gbòǹgbò eyín tó ti yọ. Orí irin yìí ni wọ́n ń de òpó mọ́. Òpó ló ń yọ jáde láti inú erìgì, òun náà ló sì ń gbé adé eyín, ìyẹn apá tó hàn sí ojú ayé tí a fi ń jẹun. Adé lè jẹ́ èyí tí a fi síkúrù dè, ó sì lè jẹ́ èyí tí a fi sìmẹ́ńtì eyín lẹ̀. Ìyàtọ̀ méjì yìí ṣe pàtàkì, a óò padà sórí rẹ̀ ní ìsọ̀rí 8.5.

Per-Ingvar Bránẹ́máàkì, oníṣègùn ará Swídìn, ló ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1950 pé títáníọ́mù tí òun fi sínú egungun ehoro fún ìwádìí kò ṣeé yọ mọ́, nítorí egungun ti hù mọ́ ọn. Ìhùmọ́ra yìí ni a ń pè ní ìdàpọ̀ egungun. Ní ọdún 1965 ni ó gbin irú irin bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni náà lò wọ́n fún ohun tó lé ní 40 ọdún títí ó fi kú ní ọdún 2006. Èyí fi hàn pé ìmpílánǹtì lè pẹ́ gan-an, bí egungun tó dì í mú kò bá jẹrà.

Ní ìlú bí Ìlobùú, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ẹni tó ní ìmpílánǹtì lè ti gbìn ín sẹ́nu nílùú Èkó tàbí lókè òkun kó tó padà wálé. Òṣogbo ló sún mọ́ wọn jù fún ìtọ́jú ojoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá le, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, níbi tí àwọn yunifásítì ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín, ni ibi tó kàn. Ìṣòro kan wà tí àwọn olùtọ́jú máa ń bá pàdé níbẹ̀: irin tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe kì í lo síkúrù àti ìdesíkúrù kan náà pẹ̀lú ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Dókítà tí kò mọ irú èyí tó wà lẹ́nu aláìsàn lè má rí irinṣẹ́ tí yóò fi tú u. Nítorí náà, ó yẹ kí aláìsàn gba ìwé tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe irin náà, bó ṣe gùn tó, bó ṣe nípọn tó àti ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, kó sì tọ́jú rẹ̀ pa mọ́.

8.2 Bí ìdí ìmpílánǹtì ṣe yàtọ̀ sí ìdí eyín

Eyín àdáyébá kò lẹ̀ mọ́ egungun ní tààràtà. Àwọn okùn ẹran tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló so gbòǹgbò rẹ̀ kọ́: orí kan okùn wọnú eyín, orí kejì wọnú egungun. Àwọn okùn inú erìgì náà wọnú ọrùn eyín bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dí ọ̀nà mọ́ kòkòrò àrùn. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ń ṣàn gba àárín eyín àti egungun, ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń gbé àwọn ọmọ ogun ara wá síbẹ̀.

Ìmpílánǹtì kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Egungun fara kan irin gbọnrangandan, kò sí okùn láàrin wọn. Ní ti erìgì, okùn inú rẹ̀ kò lè wọnú irin. Wọ́n kàn tò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tàbí kí wọ́n yí i po bí okùn tí a fi dì ọrùn àpò láì rán an. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré sí ti ìdí eyín. Ìdí rèé tí kòkòrò àrùn fi tètè ń rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tí ìbàjẹ́ sì ń yára tàn bó bá ti dé egungun.

Irin kò ní iṣan ìmọ̀lára nínú bí eyín ṣe ní, kò sì lè jẹrà bí eyín ṣe ń jẹrà. Ohun tí ọ̀pọ̀ aláìsàn gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìmpílánǹtì kò nílò ìtọ́jú, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irin kọ́ ni àrùn ń jẹ. Ẹran àti egungun tó yí i ká ló ń jẹ, ó sì sábà máa ń ṣe é láìsí ìrora.

8.3 Ìpele méjì tí àrùn ń gbà

Ìdọ̀tí alẹ̀mọ́ ni ìpele funfun rírọ̀ tó ń yọ̀, tó máa ń bo eyín àti ìmpílánǹtì láàrin wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá fọ ẹnu. Kòkòrò àrùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì so mọ́ra wọn débi pé fífi omi yọ ẹnu lásán kò lè ká wọn kúrò. Bí a kò bá gbá a kúrò, yóò le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì kò sì ní ràn án mọ́.

Ìpele kìíní ni erìgì wíwú ìdí ìmpílánǹtì, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní myukosáítíìsì. Erìgì á pọ́n, á wú, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá kàn án. Egungun kò tíì fara gbá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn tó fínnúfíndọ̀ dá fífọ ìdí ìmpílánǹtì wọn dúró fi hàn pé ọ̀sẹ̀ 3 péré tó láti mú un wá. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ padà, ó máa ń lọ, àmọ́ ó lè gbà ju ọ̀sẹ̀ 3 kí erìgì tó padà sípò pátápátá.

Ìpele kejì ni pẹríìmpílantáítíìsì, ìyẹn àrùn tó ń jẹ erìgì àti egungun ìdí ìmpílánǹtì pọ̀. Egungun tó bá ti lọ níbẹ̀ kì í sábà hù padà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìpele kìíní ni ó yẹ kí a ti dá a dúró. Àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù ni àwọn tí àrùn erìgì líle ti mú kí eyín wọn yọ tẹ́lẹ̀, àwọn tí kì í fọ ìdí irin náà dáadáa, àti àwọn tí kì í padà lọ sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ka sìgá mímu àti ìtọ̀ súgà tí a kò káwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí lórí àwọn méjèèjì kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ti àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́.

8.4 Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Ìrora kì í ṣe àmì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀jẹ̀ ni àmì àkọ́kọ́. Aláìsàn lè rí i lára búrọ́ọ̀ṣì, tàbí kó máa gbọ́ adùn kíkan lẹ́nu láàárọ̀, tàbí kí ọyún máa sun jáde bó bá fi ìka tẹ erìgì. Nígbà mìíràn erìgì á sún sẹ́yìn, dúdú irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Dókítà ní ọ̀nà méjì láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkíní ni ọ̀pá ìwọnjìn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mìlímítà sàmì sí lára. Yóò rọra tì í bọ àárín erìgì àti ìmpílánǹtì, pẹ̀lú ọwọ́ fúyẹ́ gan-an, láti mọ bí àpò erìgì ṣe jìn tó, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún yóò tẹ̀ lé e jáde. Èkejì ni àwòrán ẹ́ksírè, tó ń fi hàn ibi tí egungun dé lára irin.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo kò sọ ohun tó pọ̀. Àpò tó jìn tó mìlímítà 5 lè jẹ́ ohun tó bójú mu fún ẹnì kan tí erìgì rẹ̀ nípọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ àmì àrùn fún ẹlòmíràn tó ní 2 lọ́dún tó kọjá. Fún ìdí èyí, ó yẹ kí dókítà ya àwòrán ìpìlẹ̀ nígbà tó bá de adé mọ́lẹ̀, kó sì wọn àpò erìgì láìpẹ́ sí i. Gbogbo àyẹ̀wò tó bá tẹ̀ lé e ni a óò fi wé ti ìpìlẹ̀. Bí egungun bá fà sẹ́yìn díẹ̀ ní ọdún kìíní, ara ló ń tún ara rẹ̀ tò. Ohun tó bá lọ lẹ́yìn ìyẹn ni a ń ṣọ́.

Bí aláìsàn kò bá ní ìwé kankan lọ́wọ́, àwọn oníṣègùn àgbáyé fẹnu kò ní ìpàdé wọn ti ọdún 2017 lórí ìwọ̀n tí a lè lò: ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún, àpò tó jìn tó mìlímítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti egungun tó ti fà sẹ́yìn tó mìlímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ibi tó yẹ kó dé. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, pẹríìmpílantáítíìsì ni.

8.5 Àpẹẹrẹ: obìnrin ọlọ́jà kan

Ká ní obìnrin ọlọ́jà kan, ẹni ọdún 52, láti Ìlobùú, ní ìmpílánǹtì kan ní ẹ̀yìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi lẹ adé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, àpò erìgì jìn ní mìlímítà 3, kò sì ṣẹ̀jẹ̀. Kò padà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí kò dùn ún. Ní ọdún kẹrin, ó kíyè sí i pé ẹnu òun ń rùn láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń wà lára itọ́ òun.

Dókítà wọn àpò náà: mìlímítà 7, ọyún sì tẹ̀ lé ọ̀pá jáde. Àwòrán ẹ́ksírè fi hàn pé egungun ti fà sẹ́yìn ní mìlímítà 3.5. Irin fúnra rẹ̀ kò mì. Nǹkan funfun kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn irin nínú àwòrán: sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù ni, tó yọ́ sábẹ́ erìgì lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ adé, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i. Ojú rẹ̀ kò dán, ìdọ̀tí alẹ̀mọ́ sì rí ibi dúró sí lórí rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn. Wọ́n yọ adé, wọ́n yọ sìmẹ́ńtì náà kúrò, wọ́n sì fi irinṣẹ́ tí kò lè ha ìmpílánǹtì fọ ojú rẹ̀. Wọ́n kọ́ obìnrin náà bí yóò ṣe máa fọ̀ ọ́. Oògùn apakòkòrò tí a ń gbé mì nìkan kò wo àrùn yìí sàn, nítorí kò lè wọ inú ìdọ̀tí alẹ̀mọ́ dáadáa. Kíkó kápúsù láti ṣọ́ọ̀bù wá lo lè mú kí ọyún dáwọ́ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kí àrùn sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ọyún ti tán, ṣùgbọ́n àpò ṣì jìn ní mìlímítà 6, ó sì ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú méjì. Èyí ni wọ́n fi mọ̀ pé fífọ̀ láìla erìgì kò tó. Iṣẹ́ abẹ ló kàn: wọ́n la erìgì, wọ́n rí irin náà kedere, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì rán erìgì padà. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni obìnrin náà ń lọ fún àyẹ̀wò. Ohun tí wọ́n ń lé ni àpò tí kò ju mìlímítà 5 lọ, tí kò sì sun ọyún. Egungun tó ti lọ kò padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù dúró.

Ká ní ó ti lọ ní ọdún kìíní ni, ó ṣeé ṣe kí fífọ̀ nìkan ti tó fún un.

8.6 Bí a ṣe ń fọ ìdí ìmpílánǹtì

Ibi tí ìdọ̀tí ń pọ̀ sí jù ni ọrùn òpó, níbi tó ti wọ inú erìgì, àti àlàfo tó wà láàrin adé àti eyín tó kángun sí i. Adé ìmpílánǹtì sábà máa ń fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ, nítorí náà ó máa ń ṣíji bo ibi tó yẹ ká fọ̀.

Pákò jẹ́ ohun àmúṣọrọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ó sì ń fọ ojú eyín mọ́ dáadáa. Oje inú orín àta àti pákò Ìjẹ̀bú tilẹ̀ ń bá kòkòrò àrùn jà. Àmọ́ orí pákò tí a rún kò lè wọ àlàfo, kì í sì í tètè dé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ahọ́n lẹ́yìn. Fọ́nrán rẹ̀ tún lè já kó sì há sábẹ́ erìgì. Ẹni tó ní ìmpílánǹtì lè máa lo pákò fún eyín rẹ̀ tó kù, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ohun èlò kan ṣoṣo fún ìdí irin.

Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé láàárọ̀ àti lálẹ́ nìyí:

1. A ó lo búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí kò ní iyẹ̀fun líle. Èédú lílọ̀, eérú àti iyọ̀ oníhóró kò dára, nítorí wọ́n ń ha ojú òpó, ìdọ̀tí sì ń yára dì mọ́ ibi tí a bá ti ha.
2. A ó dojú búrọ́ọ̀ṣì kọ ibi tí erìgì àti adé ti pàdé, ní ìdagẹ̀rẹ̀. A ó máa mì í díẹ̀díẹ̀, láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré onídì kan wúlò gan-an níbẹ̀.
3. A ó ti búrọ́ọ̀ṣì àlàfo bọ àárín adé àti eyín tó kángun sí i. Wáyà àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò, kí irin má baà fi irin ha. Ó gbọ́dọ̀ kún àlàfo náà, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba agbára kó tó wọlé. Dókítà ni kó bá aláìsàn yan ìwọ̀n rẹ̀.
4. Bí adé bá so pọ̀ mọ́ra lórí ìmpílánǹtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òwú ìfọyín tó ní orí líle ni a ó fi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A ó fà á síwá sẹ́yìn lára òpó kọ̀ọ̀kan. A gbọ́dọ̀ wò ó bóyá òwú náà ya, nítorí fọ́nrán tó bá há sábẹ́ erìgì lè dá àrùn sílẹ̀.

Ìtayín onígi, abẹ́rẹ́ àti pín-ìnnì kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀. Ẹran tó há sí àlàfo lẹ́yìn oúnjẹ, búrọ́ọ̀ṣì àlàfo ni kí a fi yọ ọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìlànà yìí, kì í ṣe ìdí láti dáwọ́ dúró. Erìgì tó wú ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí kò bá dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó di dandan kí dókítà wò ó.

8.7 Ohun tó ń mú ìmpílánǹtì bàjẹ́

Ìmpílánǹtì tó pọ̀ jù ń ṣe dáadáa: nínú 100, nǹkan bí 95 ṣì máa ń wà lẹ́nu lẹ́yìn ọdún 10. Àwọn tó bàjẹ́ pín sí ọ̀nà méjì.

Ìbàjẹ́ àkọ́kọ́ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ kí ìdàpọ̀ egungun tó wáyé, láàrin oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ooru wà lára ohun tó ń fà á. Bí ẹ̀rọ ìlu bá mú egungun gbóná dé ìwọ̀n 47 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì fún ìṣẹ́jú kan, egungun ibẹ̀ á ṣòfò. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń da omi tútù sí ẹnu ìlu nígbà tó ń lu ihò. Mímì náà wà níbẹ̀: irin tó bá ń mì ju nǹkan bí ìdá kan àti àbọ̀ nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, ẹran ló máa ń hù yí i ká dípò egungun. Aláìsàn tó bá fi ibi tí wọ́n gbin irin sí jẹ eegun kó tó jinná lè fa irú mímì bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, kòkòrò àrùn lè wọ ojú ọgbẹ́. Egungun tó rọ̀ jù, sìgá àti ìtọ̀ súgà tí a kò káwọ́ rẹ̀ náà ń dí ìjinná lọ́wọ́.

Ìbàjẹ́ ẹ̀yìnwá ni èyí tó wáyé lẹ́yìn tí irin ti dàpọ̀ mọ́ egungun. Pẹríìmpílantáítíìsì ló ń ṣáájú níbẹ̀. Ẹrù tó pọ̀ jù lórí irin ló tẹ̀ lé e, bíi ti ẹni tó ń wa eyín pọ̀ lójú oorun. Eyín àdáyébá ní okùn tó ń jẹ́ kó mọ̀ bí ẹrù bá pọ̀ jù. Ìmpílánǹtì kò ní in. Òpó lè kán, irin fúnra rẹ̀ náà lè kán, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Bí adé bá ń mì, a kò gbọ́dọ̀ sọ pé ìmpílánǹtì ti bàjẹ́ kí a tó wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ pé síkúrù tó de òpó ló tú, tí irin inú egungun ṣì dúró gbọnyin. Èyí ṣeé dè padà, ó sì yẹ kí a tètè dè é kí síkúrù má baà kán. Bí ó bá jẹ́ pé irin inú egungun gan-an ló ń mì, ìdàpọ̀ egungun ti já nìyẹn. Kò sí ìtọ́jú tó lè dá a padà, yíyọ ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àrùn lè ti jẹ ọ̀pọ̀ egungun kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, nítorí egungun díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ṣì lè dì í mú pinpin. Irin tó dúró gbọnyin kì í ṣe ẹ̀rí pé ìlera wà.

8.8 Àwọn kókó

- Ìdọ̀tí alẹ̀mọ́ ló ń dá erìgì wíwú sílẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè di pẹríìmpílantáítíìsì.
- Erìgì wíwú ṣeé wò sàn pátápátá. Egungun tó bá ti lọ kì í sábà padà.
- Ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ni àmì, kì í ṣe ìrora tàbí mímì. Àwòrán ìpìlẹ̀ ni a fi ń mọ ohun tó ti yí padà.
- Pákò nìkan kò lè fọ àlàfo àti ọrùn òpó.

8.9 Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin bí àwọn okùn erìgì ṣe so mọ́ eyín àti bí wọ́n ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmpílánǹtì? Báwo ni èyí ṣe kan bí àrùn ṣe ń yára tàn?
2. Aláìsàn kan wá láti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Àpò erìgì rẹ̀ jìn ní mìlímítà 6, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ fà sẹ́yìn ní mìlímítà 1 péré. Ǹjẹ́ a lè sọ pé pẹríìmpílantáítíìsì ni? Ṣàlàyé ìdáhùn rẹ.
3. Kí ló dé tí oògùn apakòkòrò nìkan kò fi lè wo obìnrin inú ìsọ̀rí 8.5 sàn?
4. Sọ bí a ṣe lè mọ̀ bóyá síkúrù ló tú tàbí irin ló já kúrò lára egungun, kí o sì sọ ìgbésẹ̀ tó tọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
5. Kọ ìlànà ìfọ̀ ojoojúmọ́ fún bàbá àgbà kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó ní ìmpílánǹtì méjì tí adé wọn so pọ̀, tó sì ti ń lo pákò láti kékeré. Sọ ohun tó lè máa bá lọ, èyí tó gbọ́dọ̀ fi kún un, àti àmì tó yẹ kó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá.